Margit há mi mọ́ ẹnu ọ̀nà Stormveil nínú Elden Ring: ibo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Elden Ring ni mo ń gbá lórí PS4. Vagabond ni mo mú, mo ti dé ipele 16, mo sì ti dé afárá tó wà níwájú ilé olódi Stormveil. Margit ni kò jẹ́ kí n kọjá. Tí ọ̀pá rẹ̀ bá bà mí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti kú nìyẹn. Bí èmi bá sì ṣá a nígbà márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín. Strength mi jẹ́ 18, Dexterity jẹ́ 16, Vigor ṣì wà ní 15 tí mo bá a. Longsword tí wọ́n fún mi níbẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì ń lò, n kò tíì gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Páàdì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Àbúrò, fi í sílẹ̀! Kò pọn dandan kí o bá a jà lákòókò yìí. Àwọn tó ṣe géèmù yẹn fi í síbẹ̀ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ọwọ́ ń kàn. Gba ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà, tẹ̀ ba láàárín igi, máa wo ibi tí ẹṣin rẹ̀ kọjú sí, kí o sì lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wó nì, Church of Elleh. Tí o bá ti ní ẹṣin tìrẹ, tí o sì ti lágbára sí i, o lè padà wá bá a.

Ọmọ_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹlẹ́ṣin góòlù tó ń rìn kiri níbẹ̀rẹ̀ lẹ ń sọ, Tree Sentinel. Mo ti yẹra fún ìyẹn. Margit ni tèmi, ẹni tó ní ìwo lórí, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń dúró de ènìyàn lórí afárá.

Ìyá_Páàdì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Háà, mo ti gbọ́. Ti ìyẹn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dáhùn.

Ọmọ_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ)

Ohun tó ń ṣe ọ́ kò le. Aṣọ ogun rẹ ló fẹ́lẹ́. Wá èyí tó wúwo jù tí o bá rí, wọ̀ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ìyà tí yóò jẹ ọ́ á dín. Lẹ́yìn náà, fi gbogbo rúùnù rẹ kún Strength títí á fi dé 25, kí idà rẹ lè máa wọlé. Má gbàgbé àwọn ìkookò mẹ́ta náà o. Pè wọ́n ní kété tí o bá ti wọlé, kí Margit lè máa rí ẹlòmíràn dojú kọ.

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Ọmọ_Ìperu, ohun tí o sọ nípa ìkookò dára, màá padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì tó kù yóò tún dá kún ìṣòro rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Lórí aṣọ: ìwúwo ohun tí o gbé sára ló ń pinnu bí o ṣe máa ń gbókìtì. Ṣí ojú ìwé ohun ìjà rẹ, wàá rí ibi tí wọ́n kọ Equip Load sí. Bí ẹrù rẹ bá ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n á kọ Heavy Load. Òkìtì rẹ á wúwo bí ẹni gbé àpò gàrí lérí, àsìkò tí ọwọ́ ọ̀tá kò fi lè bà ọ́ nínú rẹ̀ á kúrú, yóò sì pẹ́ kí o tó dìde. Láti 30 sí 70 ni Med. Load, ibẹ̀ ló yẹ kí o wà. Vagabond ń gbé ọ̀kọ̀ gígùn kan kún idà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí o kò bá lò ó, bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́, torí ohun ìjà tí o dì mọ́wọ́ ń ka nínú ẹrù bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò fi jà. Bí Margit ṣe ń gbá ènìyàn yìí, òkìtì tó yá á gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju irin tó nípọn lọ.

Lórí Strength: Ọmọ_Òde, o ti ná ipele méje láti 9 dé 16. Mẹ́rin lọ sí Strength, mẹ́ta sí Dexterity, ọ̀kankan kò lọ sí Vigor. Ìdí tí o fi ń kú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn. Vigor 15 fún ọ ní ẹ̀jẹ̀ 522. Tí o bá gbé e dé 25, ó di 800. Ohun tó máa yí padà ni pé àṣìṣe tó ń pa ọ́ báyìí á wá fi ọ́ sílẹ̀ láàyè pẹ̀lú àyè láti mu ìgò. Ní ti Strength, idà tí a kò tíì rọ kún kò tíì mọ bí a ṣe ń lo agbára olówó rẹ̀. Ipele mẹ́rin tí o ná síbẹ̀ kò fi nǹkan gidi kún ọgbẹ́ tí o ń dá sí i lára.

Alágbẹ̀dẹ ni ohun tí idà rẹ nílò. Láti gbé Longsword dé +3, òkúta Smithing Stone [1] méjìlá ni yóò gbà: méjì fún àkọ́kọ́, mẹ́rin fún èkejì, mẹ́fà fún ẹ̀kẹta. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù nítòsí ni ihò ìwakùsà Limgrave Tunnels, ní apá àríwá adágún Agheel. Wọ́n ń tàn lára ògiri ihò náà, àwọn awakùsà ibẹ̀ sì máa ń já wọn sílẹ̀ nígbà mìíràn. Bí o bá ti kó wọn jọ, padà sí Church of Elleh. Tábìlì alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ lè lò, ṣùgbọ́n +3 ni òpin rẹ̀. Kí o tó tẹ bọ́tìnì, wo nọ́mbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Wàá rí i pé ohun tí alágbẹ̀dẹ fi kún un ju ohun tí ipele mẹ́rin ṣe lọ.

Nítorí náà, rúùnù tí o bá rí láti òní, Vigor ni kó máa lọ, òkúta sì ni idà. Ipele mẹ́wàá tó kàn ni kí o fi sí Vigor. Ìpele 26 nìyẹn, Vigor 25.

Ọmọ_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé rúùnù náà yóò máa sọnù. Mo máa ń kó wọn jọ, màá wá kú lójú ọ̀nà, màá tún kú nígbà tí mo bá ń lọ gbé wọn.

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Bí o bá kú, rúùnù ọwọ́ rẹ á wà nílẹ̀ níbi tí o ti ṣubú. Tí o bá tún kú kí o tó kàn wọ́n, wọ́n ti lọ láéláé. Nítorí náà má ṣe wọ ẹnu ọ̀nà Margit pẹ̀lú rúùnù lọ́wọ́. Kí o tó wọlé, jókòó níbi ìsinmi, ná gbogbo rẹ̀ sórí ipele. Bí kò bá tó ipele kan, fi ra nǹkan.

Ọ̀nà tó dáa jù láti tọ́jú owó ni àwọn Golden Rune tí ò ń rí lára òkú. Má fọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Nínú àpò ni wọ́n ń gbé, ikú kò sì lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ. Golden Rune [1] jẹ́ 200, [2] jẹ́ 400, [3] jẹ́ 800. Bó bá ku díẹ̀ kí o gun ipele, ìgbà yẹn ni kí o fọ́ iye tó kù.

Onídán_Ìkẹ́nnẹ́ (Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ)

Astrologer ni èmi mú. Òkúta búlúù ni mò ń jù lu àwọn ọ̀tá láti òkèèrè, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Margit. Òun kàn ń fò wá bá mi ni. Ṣé Vigor náà ni èmi á máa fi kún? Mo rò pé Intelligence ló yẹ.

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Tìrẹ yàtọ̀ sí ti Ọmọ_Òde, torí ọ̀pá onídán ń mú agbára látinú Intelligence ju bí idà tuntun ṣe ń mú u látinú Strength lọ. Máa fi kún un. Ṣùgbọ́n Vigor díẹ̀ kò ní pa ọ́ lára. Tí o bá jìnnà, Margit máa ń ju ọ̀bẹ ìmọ́lẹ̀, tàbí kó fò wá kàn ọ́. Ìkookò ni ìwọ nílò ju ẹnikẹ́ni lọ, kí wọ́n máa mú un dání nígbà tí o ń ju tìrẹ. Ju ẹyọ kan tàbí méjì, kí o wá sá. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníbèéèrè.

Ní ti ìkookò: Ọmọ_Òde, ṣé o ti gba agogo wọn?

Ọmọ_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Rárá, Ẹ̀gbọ́n. N kò tíì gbọ́ nípa agogo.

Ọmọ_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ)

Èmi yóò sọ èyí. Lẹ́yìn tí o bá ti gba ẹṣin rẹ lọ́wọ́ Melina, padà sí Church of Elleh lálẹ́. Níbi ìsinmi, yan Pass Time, kí o sún un dé alẹ́. Obìnrin kan tó dé fìlà ńlá á wà lórí ògiri tó wó. Òun ló ń fúnni ní Spirit Calling Bell pẹ̀lú eérú ìkookò mẹ́ta, Lone Wolf Ashes.

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Òótọ́ ni. Tí o bá dé ibẹ̀ tí o kò bá a mọ́, má bínú, wọ́n ń tà á ní Roundtable Hold lọ́dọ̀ àwọn obìnrin méjì tó jókòó papọ̀. Pípe ìkookò ná 55 lára agbára aláwọ̀ búlúù rẹ. Vagabond tí Mind rẹ̀ jẹ́ 10 ní 78, nítorí náà ìgbà kan péré ni wàá lè pè wọ́n nínú ìjà, ìgbà kan náà ló sì nílò. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o yí ìgò búlúù rẹ padà sí pupa. Ìgò mẹ́rin lo ní níbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta pupa àti ọ̀kan búlúù. Níbi ìsinmi, sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di pupa, torí agbára búlúù rẹ á kún fúnra rẹ̀ bí o bá jókòó. Ìgò ìwòsàn kan ni o fi gba lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn.

Bákan náà, wo igi góòlù kékeré tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Stormhill. Golden Seed wà nídìí rẹ̀, ó ń sọ ìgò mẹ́rin di márùn-ún. Kí ìgò kọ̀ọ̀kan lè wo ọgbẹ́ tó tóbi sí i, Sacred Tear ni o ń wá. Ọ̀kan wà ní Third Church of Marika lápá ìlà oòrùn Limgrave. Mẹ́ta mìíràn wà ní Weeping Peninsula lápá gúúsù, ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó wà níbẹ̀: Church of Pilgrimage, Callu Baptismal Church àti Fourth Church of Marika. Ẹṣin ni kí o fi lọ. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà lójú ọ̀nà, gùn wọ́n kọjá, mú ohun tí o wá mú, kí o lọ. Ohun tó burú jù tí àwọn tuntun ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn ibi tí ẹṣin lè kọjá, wọ́n sì ń fi ìgò wọn tọrẹ fún ọmọ ogun tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Asà_Òdogbolú (Òdogbolú)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo ohun tí Àgbà sọ lórí ìmúrasílẹ̀ ni mo fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ asà. Heater Shield tí Vagabond gbé ń dá gbogbo ìyà irin dúró, ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pá Margit kò wọ inú rẹ̀. Gbé asà, jẹ́ kó gbá a, kí o wá tẹ R2 lójú ẹsẹ̀, idà rẹ á gbá a padà pẹ̀lú agbára, yóò sì máa sún un sí ìgbà tí yóò dọ̀bálẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹni tuntun fi gbọ́dọ̀ máa gbókìtì.

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Ìdajì ọ̀nà ni mo bá ọ dé. Ọ̀pá kò wọ inú asà, ọ̀bẹ ìmọ́lẹ̀ yóò wọ̀ ọ́, torí kì í ṣe irin lásán, agbára mímọ́ ni, asà yẹn kò sì dá ìyẹn dúró tán. Ìkejì, bí èémí aláwọ̀ ewé rẹ bá tán nígbà tó ń gbá asà léraléra, asà á já sílẹ̀, ara rẹ á sì ṣí gbayawu fún un. Fún ìgbá kan tàbí méjì, ó dára. Fún ìgbá mẹ́rin tó ń tẹ̀ lé ara wọn, kò dára.

Asà_Òdogbolú (Òdogbolú)

Mo gbà pé ọ̀bẹ ń wọlé. Síbẹ̀, ẹni tí kò tíì mọ àkókò òkìtì á kú sí òkìtì ju bí á ṣe kú sí ẹ̀yìn asà lọ. Èmi kò ní yí ìyẹn padà.

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Ó dára, kó wo méjèèjì, kó mú èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjà gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ti kùnà lẹ́yìn tí ara wọn ti le.

Margit kì í jà bí ọmọ ogun lásán. Ó máa ń gbé ọ̀pá sókè, kó sì dúró. Ìdúró yẹn ni ọgbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ rí i pé ọ̀pá ti lọ sókè, ìka rẹ á sì tẹ bọ́tìnì, wàá ti gbókìtì tán kí ọ̀pá tó bọ̀. Ó wá bà ọ́ níbi tí o ti ń dìde. Ohun tó dára ni kí o fi ojú sí apá rẹ̀, kí o dúró títí apá náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kí o tó lọ. Má gbókìtì sẹ́yìn, ọ̀pá náà gùn, yóò kàn ọ́. Gbókìtì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí sínú rẹ̀, kí o kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun kan wà nípa bọ́tìnì tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lórí páàdì PS4, Circle kan náà ni òkìtì àti sísáré. Nítorí náà géèmù kì í gbókìtì nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí o bá yọ ìka kúrò ló ń gbókìtì, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe sísáré lo fẹ́. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, òkìtì rẹ á pẹ́. Kàn án ní kíákíá, kí o yọ ìka. Ìkejì, bí ẹ̀rù bá bà ọ́, tí o sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, géèmù ń tọ́jú èkejì, á ṣe é bí àkọ́kọ́ bá parí. Òkìtì kejì yẹn ló máa ń gbé ọ lọ bá ọ̀pá. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí o máa tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn tí ó bá fò sókè tó sì já ọ̀pá mọ́lẹ̀, àyè rẹ nìyẹn: ṣá a lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí o dúró. Má ṣe jẹ́ kí ìgbá kẹta mú èémí rẹ tán, torí òkìtì tó máa gbà ọ́ náà ń jẹ èémí. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà kò dá ènìyàn sí pátápátá, ó máa ń fi ìrù gbá ibẹ̀.

Ìgò mímu wà lára ohun tí ń pa ènìyàn jù. Margit rí ọ bí o bá mú ìgò sẹ́nu, á sì ju ọ̀bẹ ìmọ́lẹ̀ sí ọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó sá jìnnà kí wọ́n tó mu ni ó ń mú jù. Mu ún nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìgbá gígùn, tàbí nígbà tó ń dojú kọ ìkookò. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ku ìdajì, tí kò sí àyè, máa yẹra ná.

Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti dín tó bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó máa yọ òòlù ìmọ́lẹ̀ ńlá. Ìgbá rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì máa tẹ̀ lé ara wọn. Nítorí náà tọ́jú ìgò méjì ó kéré tán de ìgbà yẹn.

Ọmọ_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ń ṣe gan-an nìyẹn: mo máa ń sá jìnnà kí n tó mu ìgò. Mo rò pé àyè wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣì kù. Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ̀wọ̀n kan wà tó ń so ó mọ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ_Ìperu (Ìperu-Rẹ́mọ)

Òótọ́ ni. Margit's Shackle ni wọ́n ń pè é. Rúùnù 5,000 ni Patches ń tà á nínú ihò Murkwater Cave. Rà á, ìjà náà á rọrùn pátápátá.

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Òtítọ́ ni pé ó wà níbẹ̀, iye rẹ̀ náà sì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìjà kan, kí ó tó yọ òòlù. Bí òòlù bá ti jáde, kò sí ìrànwọ́ kankan tó lè ṣe fún ọ. Patches yóò kọ́kọ́ bá ọ jà. Bó bá ti kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀, dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, torí bí o bá pa á, o kò ní lè ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ bí o ti fẹ́. Lójú tèmi, rúùnù 5,000 lórí Vigor á ṣe ọ́ láǹfààní ju ẹ̀wọ̀n lọ, torí Vigor á bá ọ wọ inú Stormveil.

Ohun tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀ ni àmì góòlù tó wà nílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà ìkùukùu náà. Tẹ̀ ẹ́, Rogier onídán á wá bá ọ jà. Má sì gbàgbé pé géèmù yìí kì í dúró bí o bá ṣí ojú ìwé, Margit á ṣì máa bọ̀. To ìgò àti agogo sí ibi tí ọwọ́ ti ń yá kí o tó wọlé.

Ìyá_Páàdì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Àwọn kan tún máa ń fi Margit sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà kan wà lápá ìlà oòrùn Stormveil, létí bèbè, tó gba ẹ̀yìn ilé olódi náà lọ sí Liurnia. Kò pọn dandan kó bá a jà lọ́sẹ̀ yìí.

Asà_Òdogbolú (Òdogbolú)

Ọ̀nà náà wà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá ibẹ̀ le ju ti Limgrave lọ. Ẹni tí Margit ń pa lẹ́ẹ̀mejì, Liurnia á pa á kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Páàdì (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Kò gbọ́dọ̀ jà níbẹ̀, kó fi ẹṣin gun kiri, kó kó òkúta àti rúùnù, kó padà.

Kọ̀ǹpútà_Ìlíṣàn (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Fún àwọn tó ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà, tí iná ń lọ lójijì lágbègbè wọn: géèmù náà ń kọ ohun tí o ṣe sílẹ̀ fúnra rẹ̀ léraléra. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ọ́, fáìlì náà lè bàjẹ́, gbogbo ipele rẹ á sì bá a lọ. Ṣí ibi yìí, wàá rí fódà kan tó ní nọ́mbà gígùn, fáìlì náà sì wà nínú rẹ̀:

```
%APPDATA%\EldenRing
ER0000.sl2
```

Pa géèmù náà ná, ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn sórí fúláàṣì kí o tó lọ bá ọ̀gá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bàjẹ́, dá ẹ̀dà padà síbi tó wà. Tí o bá fẹ́ kúrò, gba inú System lọ yan Quit Game, má kàn yọ wáyà.

Ọmọ_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

PS4 ni tèmi, Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Àgbà, mo ti ní òkúta mẹ́rin nínú àpò láìmọ ohun tí wọ́n wà fún. Mò ń lọ sínú ihò náà lálẹ́ òní. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ gba ìkookò, àbí òkúta?

Àgbà_Ṣàgámù (Ṣàgámù)

Lo mẹ́rin yẹn ná: méjì lára wọn tó láti sọ idà di +1, torí tábìlì àti ibi tí ìkookò ti ń wá jẹ́ ibì kan náà. Nítorí náà Church of Elleh lálẹ́ ni kí o kọ́kọ́ lọ, gba agogo, tẹ òkúta méjì mọ́ idà, kí o wá lọ sí ihò. Òkúta mẹ́wàá ló kù ọ́ dé +3, o sì ti ní méjì lára wọn. Bí o bá sì padà wá ra ẹ̀wọ̀n yẹn lẹ́yìn tí Margit bá ti kú, má rò pé o fi owó ṣòfò. Ibì kan wà níwájú tó ti tún wúlò, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ibẹ̀ fún ọ, kí o fi ojú ara rẹ rí i.